Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù Ìlọrin, ẹ fi àgádágodo yẹn sílẹ̀

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, ó sì yẹ kó bí yín. Èèyàn fi owó gírátúítì kọ́lé sí Tanke kí rẹ́ǹtì lè máa gbọ́ bùkátà ẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́, tẹ́náǹtì wá jẹ oṣù mẹ́fà, ó tún ń ra tẹlifíṣọ̀n tuntun wọlé, wáláhì ó dunni. Àmọ́ àgádágodo tí ẹ fẹ́ fi ti ilé mọ́ ọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó lè di ẹni tó máa sanwó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò gbà ni pé gbèsè lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀. Ẹ̀yin lẹ nilé, kò sẹ́ni tó ń bá yín jà á, àmọ́ látọjọ́ tí ẹ ti gbowó tí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, òun ló ni ìgbé ibẹ̀, kódà tí owó tó san bá ti tán òfin ṣì ń dáàbò bò ó títí adájọ́ á fi ní kó jáde. Súpíríìmù Kọ́ọ̀tù sọ ọ́ ní 1997 nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu pé lánlọ́ọ̀dù tó bá fẹ́ gbalé ẹ̀, kó gba kọ́ọ̀tù lọ, kó má lo agbára. Ẹni tó ká páànù, ẹni tó gé wáyà iná, ẹni tó yọ ilẹ̀kùn lọ, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ má sì pe ọlọ́pàá sí i o, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè lásán.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ń gbé rúùmù àti pálọ̀ ní Gáà-Akanbí, ₦15,000 lóṣù, ọjọ́ kìíní oṣù ló máa ń san, ó wá jẹ oṣù mẹ́fà, ₦90,000. Ẹ tì í síta lóní, máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ wà nínú ilé, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ó gba kọ́ọ̀tù lọ, ó ní wọ́n lé òun jáde láìtọ́, òun ń béèrè owó ìtanràn, ó tún ní ₦200,000 wà lábẹ́ mátíráàsì. Kí lẹ fẹ́ sọ? Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á bó ṣe yẹ, torí oṣooṣù ló ń san, nóòtíìsì oṣù kan ló tọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fún un kí oṣù karùn-ún tó parí, pé kó kó jáde tí oṣù kẹfà bá parí. Tó bá wá di ọjọ́ kìíní oṣù keje tí ò kúrò, ẹ fún un ní ìwé kejì, èyí tó ń sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ méje ẹ̀ ń lọ kọ́ọ̀tù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀, wọ́n á kó ìwé méjèèjì fún un pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pé kí ìkejì tó jáde. Tí kò bá gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tó bá jẹ́ lọ́yà ló máa kọ ọ́, ẹ fún lọ́yà níwèé pé ẹ̀yin lẹ rán an.

Ẹni tó ń san lọ́dọọdún ńkọ́? Oṣù mẹ́fà ni nóòtíìsì tiẹ̀, àyàfi tí àdéhùn yín bá sọ nǹkan míì, ìdí nìyí tí rísíìtì fi ṣe pàtàkì, ẹ kọ iye oṣù tí owó wà fún síbẹ̀. Tí ìwé àdéhùn bá sì ti dá ọjọ́ tí ìgbé ẹ̀ máa tán, tọ́jọ́ náà ti kọjá, nóòtíìsì ọjọ́ méje yẹn náà ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tuntun náà. Tẹ́ ẹ bá gba rẹ́ǹtì oṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí nóòtíìsì ti pé, lọ́yà ẹ̀ á ní ẹ ti tún gbà kó máa gbé ibẹ̀ lọ. Gbèsè àtijọ́ ẹ lè gbà, ẹ ṣáà kọ ọ́ sí rísíìtì pé gbèsè àtijọ́ ni.

Ní kọ́ọ̀tù, ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè ₦90,000 yẹn, ẹ tún béèrè owó gbogbo ìgbà tó bá fi jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí nóòtíìsì ti pé.

Wọ́n á ní kọ́ọ̀tù ń falẹ̀, òótọ́ ni, wọ́n máa ń sún ẹjọ́. Àmọ́ lójú tèmi, lánlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi àkókò ṣòfò jù. Oṣù méjì tí kò san, ẹnu lásán lẹ fi ń bínú, oṣù mẹ́fà ẹ wá ń wá àgádágodo. Ká ní lóṣù kejì lẹ ti kọ nóòtíìsì, tí ìbínú yín bá fi máa dé góńgó, ẹjọ́ ti wà ní kọ́ọ̀tù. Tí adájọ́ bá sì dá a fún yín, bélíìfù ló máa mú wọ́ọ̀ráǹtì wá kó ẹrù ẹ̀ síta, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun, kódà àga kan.