Kì í ṣe gbogbo mímí hẹlẹhẹlẹ ni àìtó ẹ̀jẹ̀

Ká sọ pé obìnrin ọmọ ọdún 28 kan ń gbé ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Ọba láìdúró lọ́nà. Lọ́dún yìí, ó ń dúró lẹ́ẹ̀mejì, á fọwọ́ lé ìbàdí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Egungun kò ro ó rárá. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀jẹ̀ ẹ ti tún lọ sílẹ̀ nìyẹn." Wọ́n dé ilé ìwòsàn, PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jáde, 23 ni. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún ń dúró lọ́nà ọjà.

Ẹnì kan kò bi í pé: èló ni PCV rẹ máa ń jẹ́ tí ara rẹ bá dá? Ká ní wọ́n bi í ni, àwọn ìwé àyẹ̀wò tó wà nínú báàgì ìyá rẹ̀ ìbá sọ pé 22 sí 24 ló ti ń jẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Bí 23 kò bá dí i lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, kò lè jẹ́ òun nìkan ló ń dí i lọ́wọ́ báyìí. Ó lè jẹ́ ìfúnpá gíga nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Èrò wa ni pé kí wọ́n máa bi gbogbo alárùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ìbéèrè yìí ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí mímí rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Kí Àjọ Ìdáwójọ fún Ìlera Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì san owó rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti SS kì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kó tó fọ́. Bó bá fọ́ sínú iṣan, hẹmoglóbíìnì tó dà sílẹ̀ a máa gbá náítíríìkì ọ́kísáìdì kúrò, bẹ́ẹ̀ èyí ló ń sọ fún ògiri iṣan pé kó dẹ̀. Iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró á wá há, ògiri rẹ̀ á máa nípọn láti ọdún dé ọdún, ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè dí òmíràn pa. Apá ọ̀tún ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọlanke orí títì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ wá ní kó gun òkè Ìdànrè.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í pariwo. Ìrora egungun a máa jí gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ jù, tí ẹyinjú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè, tí egbò sì ń wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, lè má fi bẹ́ẹ̀ ní ìrora. Ilé á ní tirẹ̀ fúyẹ́.

Àwòrán ọkàn, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kò, ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré padà gba ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún. Lórí ìwé, ẹ ó rí TRV, ìyẹn iye mítà tí ẹ̀jẹ̀ náà ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí TRV obìnrin wa bá jẹ́ 3.2, ẹ fi 3.2 sọ 3.2 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, nǹkan bí 41 ló máa jáde, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá tó ń ti ẹ̀jẹ̀ náà. Ibi tí wọ́n ti ń fura ni 2.5, ìyẹn 25. Ṣùgbọ́n ìfura ni, kì í ṣe ẹ̀rí: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Faransé ní 2011, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan péré nínú àwọn tó dé 2.5 sókè ni rọ́bà tí wọ́n tì dé inú ọkàn jẹ́rìí sí. Wọn kò sì gbọdọ̀ yà á nígbà tí egungun ń ro ó, torí ìfúnpá náà a máa ga lásìkò yẹn. Torí pé ìfura lásán ni ẹ́kò ń fúnni ni a kò fi ní kí wọ́n ya gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Bó bá jẹ́ òótọ́, oògùn haidirọ́sìyúríà tàbí gbígba ẹ̀jẹ̀ déédéé ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Kí ìwọ̀nyí náà wà lára ohun tí àjọ yẹn ń san. Ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́míìsì kankan ta sìlìdẹ́náfìlì (oògùn agbára ọkùnrin yẹn náà ni) fún un pé ó ń ṣí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n dá àyẹ̀wò rẹ̀ lára alárùn yìí dúró ní 2009 torí pé ìrora egungun ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí owó ẹ́kò tó dé, ilé ìwòsàn kò ṣaláìní nǹkan kan: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn ní mítà 30, aago, àti nọ́ọ̀sì tó máa kà á bí obìnrin náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kí wọ́n kọ iye mítà tó rìn sínú fáìlì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà sí i, kí wọ́n ní kó tún un rìn.