Ṣẹ́ẹ̀lì kan náà, gbèsè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé kẹ́mísìrì rẹ̀ wá sílé mi ní Sátidé tó kọjá. Lójú ewé tó ṣí sílẹ̀, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan: "Gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá wà nínú ṣẹ́ẹ̀lì kan náà ni agbára wọn dọ́gba." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, tíṣà wa ni. Wọ́n ní ó máa ń jáde nínú ìdánwò." Èmi náà kọ gbólóhùn yẹn nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n sì fún mi ní máàkì lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Haidirójìn nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu, òun àti àwọn tó jọ ọ́, ìyẹn átọ́ọ̀mù èyíkéyìí tí wọ́n ti gba gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀ tó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Hílíọ́mù tó ti pàdánù ọ̀kan nínú méjì rẹ̀ wà lára wọn. Nígbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti di méjì sókè, ẹ má sọ ọ́ mọ́.

Mi ò kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kankan fún un. Mo mú un wọ kíṣìnì, mo tan gáàsì, iná náà sì dúró ní búlúù. Mo pò iyọ̀ sínú omi díẹ̀, mo ki wáyà irin kan bọ̀ ọ́, mo sì fi orí wáyà náà sínú iná. Gbogbo ibi tí wáyà náà kàn ló di yẹ́lò, yẹ́lò tó mọ́ rokoso. Àwọ̀ tí a máa ń rí nìyẹn nígbà tí omi iṣu tó ti níyọ̀ bá hó dà sórí sítóòfù. (Tí iná tiyín bá ti ń pọ́n kí iyọ̀ tó kàn án, kò rí atẹ́gùn tó ni. Ẹ tún un ṣe ná, kí ẹ má baà fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.)

Sódíọ́mù inú iyọ̀ ló ń tan yẹ́lò yẹn. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà gùn ní 589 nm. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: sódíọ́mù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, mẹ́wàá wà nínú, ọ̀kan dá wà lóde. Ẹyọ kan tó wà lóde yìí, 3s ni ibùgbé rẹ̀: 3 ni nọ́mbà ṣẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà s ni irú ibùgbé tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀lì náà. Ooru iná náà gbé e sókè lọ sí 3p. Nígbà tó padà bọ̀ sí 3s, ó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nù gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì ni ojú wa ń rí ní yẹ́lò.

Ẹ wo nọ́mbà méjèèjì dáadáa. 3s, 3p. Ṣẹ́ẹ̀lì kẹta ni, ṣẹ́ẹ̀lì kẹta náà sì ni. Ká ní agbára wọn dọ́gba lóòótọ́, ibo ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ì bá ti wá? Ẹni tó bọ́ láti orí pèpéle sórí pèpéle tó ga bákan náà kò já bọ́. Mo bi ọmọ náà, kò rí nǹkan kan sọ, ó kàn ń wo iná.

Àwọn tó ń gbé e kiri yóò ní bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, yóò sì jẹ́ kó rọrùn fáwọn ọmọdé. Iyọ̀ kò kàwé yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ka iye rẹ̀. Mo máa ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wé ìwọ̀fà lọ́dọ̀ kókó átọ́ọ̀mù, ìyẹn àárín rẹ̀ níbi tí pùrótọ́ọ̀nù wà. Ó jẹ gbèsè, iye tí a gbọ́dọ̀ san kó tó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni agbára rẹ̀. A máa ń fi eV ka iye náà. Nínú haidirójìn, ìlànà gbèsè náà kò ju báyìí lọ:

E = -13.6 Z²/n² eV

Z ni iye pùrótọ́ọ̀nù, n ni nọ́mbà ṣẹ́ẹ̀lì. Àmì ìyọkúrò iwájú rẹ̀ ló ń sọ pé gbèsè ni. Fún ṣẹ́ẹ̀lì kẹta haidirójìn, ẹ pín 13.6 sí ọ̀nà 9, ẹ ó rí 1.51 eV. Ì báà jẹ́ 3s, ì báà jẹ́ 3p, ì báà jẹ́ 3d, 1.51 ni. Kò sí ibi tí lẹ́tà s, p tàbí d ti wọ inú ìlànà náà.

Àmọ́ kí ló fà á tí kò fi wọ ibẹ̀? Ibí yìí gan-an ni àwọn tíṣà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ibùgbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà rárá. Tí a bá fi ìwọ̀n Bohr díwọ̀n jíjìnnà (ìyẹn 0.0529 nm), ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 3s jìnnà sí kókó ní 13.5 tí a bá fi ojú ìpíndọ́gba wò ó, 3p ní 12.5, 3d ní 10.5. 3s ló ń lọ jìnnà jù, òun náà ló tún ń sún mọ́ kókó jù. Alárìnkiri ni. 3d ní tirẹ̀ kì í rìn jìnnà sí àárín ọ̀nà: kì í súnmọ́ inú, kì í sì í lọ sí òkèèrè.

Ṣùgbọ́n jíjìnnà kọ́ ni ìfà kókó ń kà. Gbèsè tí ìfà náà ń kọ sílẹ̀, 1/r ló ń tẹ̀lé, r ni jíjìnnà. Tí ẹ bá wá ìpíndọ́gba 1/r fún 3s, fún 3p, fún 3d, ìdá kan nínú 9 ni ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí 3s jèrè nígbà tó wọlé tọ kókó, ó pàdánù rẹ̀ pátápátá nígbà tó jáde lọ sókèèrè. Kò ṣẹ́kù, kò lé.

Ìràwọ̀ onírù tún fi irú rẹ̀ hàn wá. Ká ní ọ̀kan ń yí oòrùn po lójú ọ̀nà tó gùn bíi kúkúńdùnkún, tí gígùn ọ̀nà náà láti orí dé ìdí wá dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀nà ayé wa. Ọdún kan gééré ni yóò fi yí i po, bíi ti ayé tí ọ̀nà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto. Gígùn ọ̀nà nìkan ló ń pinnu, ìrísí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà náà tún máa ń kojú síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, kì í yí orí padà. Ní 1926 Wolfgang Pauli lo ohun tí kì í yí orí padà yìí láti fi ṣírò agbára haidirójìn, láìlo ìdọ́gba Schrödinger. Ìfà tó ń dín kù sí ìdá mẹ́rin nígbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì ló ń fúnni ní irú ojúure yìí. Ẹ fi ọwọ́ kan ìfà náà díẹ̀ péré, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́.

Ẹ wá padà sí sódíọ́mù, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti kàn án. Kókó rẹ̀ ní pùrótọ́ọ̀nù 11. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 10 tó wà nínú dúró yí i ká bí aṣọ ìkélé. Ẹni tó bá dúró lóde aṣọ náà, 11 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀ ló ń rí, ìyẹn ẹyọ kan, ó kàn dà bíi pé haidirójìn ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ki orí bọ inú aṣọ náà ni yóò bá nǹkan mìíràn pàdé: bó ṣe ń wọlé ni aṣọ ń fẹ́lẹ́, tí ìfà kókó sì ń le sí i.

Alárìnkiri wa, 3s, ni ó ń wọlé jù. Nígbà tó wọlé, ó jèrè ju ti haidirójìn lọ fíìfíì. Nígbà tó jáde, ohun tó pàdánù kò pọ̀ ju ti haidirójìn lọ. Ìṣirò tó ń bá ara mu tẹ́lẹ̀ kò bá ara mu mọ́. Gbèsè rẹ̀ di 5.14 eV. 3p ń wọlé níwọ̀nba, gbèsè tirẹ̀ jẹ́ 3.04. 3d kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé rárá, 1.52 ni tirẹ̀. Ẹ rántí 1.51 haidirójìn. 3d ń gbé inú sódíọ́mù ó sì ń san gbèsè haidirójìn! Tí ẹ bá yọ 3.04 kúrò nínú 5.14, 2.10 eV ló kù. Ẹ pín 1240, nọ́mbà tó ń sọ eV di gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ní nm, sí 2.10, ẹ ó rí nǹkan bíi 590, ìyẹn gígùn ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò orí gáàsì mi ní nm.

Mo ní ìrántí kan nípa èyí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n gbé fìtílà sódíọ́mù síwájú wa ní láàbù, a fi ẹ̀rọ tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ wò ó. Ìlà yẹ́lò méjì ni mo rí, tí wọ́n sún mọ́ra bí eyín, 589.0 àti 589.6. Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé máàkì tí wọ́n fún mi ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀bùn ni.

Ohun tó tiẹ̀ burú jù fún gbólóhùn yẹn rèé. Nínú sódíọ́mù kan náà, gbèsè 4s jẹ́ 1.95 eV. Ṣẹ́ẹ̀lì kẹrin nìyẹn, gbèsè rẹ̀ sì pọ̀ ju 1.52 ti 3d lọ, ìyẹn ni pé ó wà nísàlẹ̀ ju 3d tó jẹ́ ti ṣẹ́ẹ̀lì kẹta lọ. Kì í ṣe pé ará ilé kan náà kò dọ́gba mọ́ nìkan, ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti sọ̀kalẹ̀ kọjá ará ìsàlẹ̀.

Àwọn kan á wá gbá èyí mú, wọ́n á sáré sí òdì kejì: "4s máa ń wà nísàlẹ̀ 3d nígbà gbogbo." Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kó àwọn mẹ́ta yìí jọ: pòtásíọ́mù, kálísíọ́mù tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, àti sikándíọ́mù tó ti pàdánù méjì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 19 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Pùrótọ́ọ̀nù wọn nìkan ló yàtọ̀: 19, 20, 21. Nínú pòtásíọ́mù, 4s wà nísàlẹ̀ 3d ní 2.67 eV. Nínú kálísíọ́mù yẹn, àlàfo náà ti dín kù sí 1.69. Nínú sikándíọ́mù, wọ́n ti gba àyè ara wọn: 3d ló wà nísàlẹ̀, 4s sì ga jù ú lọ ní nǹkan bíi 3.2 eV. Bí kókó ṣe ń lágbára sí i tí iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò yí padà, ìfà kókó ń borí aṣọ ìkélé, ọ̀rọ̀ sì ń padà sí ti haidirójìn, níbi tí ṣẹ́ẹ̀lì kẹta ti wà nísàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀lì kẹrin.

Ó dáa, kí ẹnì kan má baà bú mi: haidirójìn fúnra rẹ̀ kò dọ́gba tán. Ìyípo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lára ara rẹ̀ àti eré tó ń sá máa ń ya ṣẹ́ẹ̀lì kejì rẹ̀ ní nǹkan bíi 0.000045 eV. Ẹ fi wé 2.10 ti sódíọ́mù kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ pa gbólóhùn tíṣà rẹ̀ rẹ́. Mo ní kó má pa á rẹ́, kó fi "nínú haidirójìn" sí iwájú rẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá, tí wọ́n bá fún mi ní òdo ńkọ́?" Mo rọ iyọ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo wé wáyà náà mọ́ ọn, mo sì kó o lé e lọ́wọ́.