«Public» kọ́ ni «publicité»: ìdí tí àgádágodo Fesibúùkù kò fi lè lé ìpolówó lọ

Ní Ketu níbí, ní ilẹ̀ Benin, ìmọ̀ràn kan wà tó ti di ti gbogbo ayé: bí ìpolówó bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí Fesibúùkù, wọ ibi ètò rẹ̀ lọ, ibikíbi tí o bá ti rí «Public», sọ ọ́ di «Moi uniquement», ìyẹn «èmi nìkan», ìpolówó á kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, èmi fúnra mi náà sì ti sọ ọ́ fún èèyàn rí, kí Ọlọ́run foríjì mí. Irọ́ ni.

Mo mọ ibi tó ti wá. Èdè Faransé ni Fesibúùkù wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, àwa tí a ń lò ó sì pọ̀ tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ la ń kà á. «Public» ni gbogbo èèyàn, ìyẹn àwọn tó lè rí ohun tí ẹ gbé síbẹ̀. «Publicité» ni ìpolówó. Ẹni tó bá ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà á rí P, u, b, l, i, c, á ti parí rẹ̀ lọ́kàn kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó rò pé ìpolówó lòun ń pa, kò mọ̀ pé ojú àwọn oníbàárà òun lòun ń dí.

Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n wọ ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe, wọn ò tilẹ̀ tíì jókòó.

«Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Ọjà mi ti kú.»

Ìpolówó ẹ̀yáwó àti ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń dà wọ́n láàmú tẹ́lẹ̀, tó sì ń jẹ mẹ́gà wọn. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní òun á bá wọn ṣe é. Ó wọ «Paramètres et confidentialité», ìyẹn ibi ètò, ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó lè rí ohun tí ẹ máa gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó yọ «Public», ó fi «Moi uniquement» rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹnì kan tó béèrè iye aṣọ. Ìpolówó tẹ́tẹ́ sì wà níbẹ̀ digbí.

Mo ṣí àwòrán àǹkárá tí wọ́n gbé síbẹ̀ kẹ́yìn. Lábẹ́ orúkọ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò tí àwòrán náà dé ibẹ̀, àmì kan wà tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́: àgádágodo. Ẹni tí kò ka Faransé ni mo máa kọ́kọ́ fi àmì yẹn hàn, torí kò ní èdè. Bó bá jẹ́ òbìrí ayé, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Bó bá jẹ́ orí èèyàn méjì, àwọn ọ̀rẹ́ nìkan ni. Bó bá jẹ́ àgádágodo, ẹ̀yin nìkan lẹ ń wo àwòrán ara yín.

Ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ ni pé lórí fóònù tiyín, kò sí ohun tó yí padà. Gbogbo àwòrán pé, gbogbo ọ̀rọ̀ pé. Ìdí nìyẹn tí màmá fi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n rò pé àwọn aráàlú ló bínú sí àwọn. Orí fóònù ẹlòmíì lẹ ti lè mọ̀. Mo fi tèmi wá orúkọ wọn: àwòrán aṣọ tó kẹ́yìn tí mo rí ti lé ní oṣù kan.

Mo dá ètò náà padà sí «Public», màmá sì rò pé ó tán. Kò tán o. Ètò ọjọ́ iwájú ò kan ohun tó ti wà nílẹ̀. Àwòrán mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ àgádágodo, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń tẹ àmì «...» tó wà lókè rẹ̀, tí a ń yí ẹni tó lè rí i padà. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Limiter» nítòsí ibẹ̀. Ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló fi ń sọ gbogbo ohun àtijọ́ tó wà fún gbogbo ayé di ti ọ̀rẹ́ nìkan, kò sì ní bọ́tìnnì tó ń dá wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́jà tó bá tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ máa fi ìka jẹ gbèsè.

Kí ló wá dé tí ìpolówó ò fi lọ? Àgádágodo yẹn wà fún àwa èèyàn: ọ̀rẹ́, ọ̀tá, ẹni tó fẹ́ jí àwòrán yín lò. Ilé-iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù kì í ṣe àlejò tó ń kanlẹ̀kùn. Òun ló ni ilé. Kò sí yàrá tí ẹ máa tì mọ́ ọn. Ó mọ ọjọ́ orí tí ẹ kọ síbẹ̀, ó mọ agbègbè tí ẹ wà, ó mọ ojú ewé tí ẹ ń tẹ̀ lé àti ìpolówó tí ẹ ti tẹ̀ wò rí. Ẹni tó fẹ́ polówó ọjà kì í sì wo ojú ewé yín rárá. Ó kàn ń sọ fún onílé pé: fi èyí han àwọn obìnrin tó wà ní Benin, láti ọjọ́ orí báyìí dé báyìí. Onílé ló ń bá a pín in.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn ojúlé ayélujára àti àwọn ohun èlò orí fóònù mìíràn náà máa ń ròyìn yín fún un. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà, ẹ wo bàtà kan, ẹ jáde. Ojúlé náà lè ti ránṣẹ́ padà. Ká tilẹ̀ ti gbogbo àwòrán pa ní Ketu, ìròyìn yẹn ò gba ibẹ̀ kọjá.

Mo fi èyí han màmá lórí ìpolówó gan-an. Èyí tó jẹ́ ìpolówó máa ń ní ọ̀rọ̀ «Sponsorisé» lábẹ́ orúkọ ẹni tó gbé e síta. A tẹ àmì «...» tó wà lórí ìpolówó tẹ́tẹ́ kan, a sì yan èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Pourquoi», ìyẹn «kí ló dé». Ìdí tó gbé jáde ni ọjọ́ orí àti ibi tí wọ́n wà. Kò dárúkọ àwòrán kankan. Màmá wò ó títí.

«Ṣé pé gbogbo ìtìpa tí mo ti ìlẹ̀kùn, ẹni tó ń wò mí wà nínú ilé?»

Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ìpolówó wà gangan. Láti «Paramètres», ẹ wá àpótí tí wọ́n kọ «Espace Comptes» sí, ẹ wọlé, kí ẹ wá «Préférences publicitaires». Wọ́n máa ń ti àwọn nǹkan wọ̀nyí kiri bí ẹ̀yà tuntun bá dé, nítorí náà ẹ má há ipò wọn sórí. Ohun tí mo kọ sórí páálí kan fún màmá ni «publicit», lẹ́tà mẹ́jọ péré. Ibikíbi tó bá ti lé ní «Public» tó sì gùn dé «publicit», ìpolówó ló ń sọ. Tó bá dúró sí «Public», ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nínú rẹ̀, ohun méjì ló ṣe wá láǹfààní. Èkíní ni ibi tí ọ̀rọ̀ «partenaires» wà, ìyẹn àwọn tó ń ròyìn yín láti ìta. Wọ́n á béèrè bóyá kí wọ́n máa fi ìròyìn yẹn yan ìpolówó fún yín. Ẹ mú ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Non», kí ẹ sì tẹ «Confirmer» bó bá gbé e jáde, torí bí ẹ bá sá kúrò láìtẹ̀ ẹ́, òfo ni. Èkejì ni àkọlé ìpolówó, níbi tí tẹ́tẹ́ ti ń jẹ́ «Jeux d'argent». A yan «Voir moins» fún un. Ẹ kíyèsí i o: «moins» ni, kí ó dínkù. Wọn ò ṣèlérí pé kò ní wá mọ́.

Ibì kan tún wà tó ti fi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀sín, èmi náà wà lára wọn. Etí Yorùbá, kódà etí Faransé, ò lè ya «Désactivé» àti «Désactiver» sọ́tọ̀. Ìró kan náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tó parí sí «é» ń sọ bí nǹkan ṣe wà: ó ti wà ní pípa. Èyí tó parí sí «er» jẹ́ àṣẹ: tẹ̀ mí kí n pa á. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá rí «Désactiver», nǹkan náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan mú fóònù wá tó ní òun ti pa nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ ó tún ń ṣí ara rẹ̀. Ó ń tẹ «Désactiver», ó ń rí «Activer», ìyẹn «tẹ̀ mí kí n ṣí i», lójú ẹsẹ̀, ó rò pé kò pa, ó tún tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì tó ń yí sọ́tùn-ún sósì ni, àwọ̀ rẹ̀ lẹ máa wò: búlúù, ó ń ṣiṣẹ́, eérú, ó ti kú.

Mi ò sì ní purọ́ fún yín bí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, iye ìpolówó tí ẹ máa rí kò dínkù. Irú rẹ̀ ló ń yí padà. Ohun tí ẹ ń ṣe nínú Fesibúùkù fúnra rẹ̀ ṣì ń kà sí i, ọjọ́ orí àti ìlú yín náà ṣì ń kà sí i. Bó bá jẹ́ pé ìparí mẹ́gà ló ń dùn yín, ibí kọ́ ni ẹ ti máa wo ìwòsàn rẹ̀. Pípa fídíò tó ń ṣí ara rẹ̀ ló jọ mọ́ ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn sì ni.

Àgádágodo ní iṣẹ́ tiẹ̀ o. Àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ màmá wà láàárín àwòrán aṣọ, kò sì yẹ kí gbogbo ayé máa wò wọ́n. A fi àwọn yẹn sí «Amis», ìyẹn àwọn ọ̀rẹ́, a fi aṣọ sí «Public».

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọjá níwájú ìsọ̀ mi. Ẹnì kan láti Sabẹ ti pè nípa àǹkárá aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní ìpolówó tẹ́tẹ́ tún yọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré, àwọn sì ti tẹ àmì «...», àwọn bi í léèrè «Pourquoi».

«Kí ló fèsì, màmá?»

«Ó ní mo ti ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ.»