Ẹgbẹ́ Mo-Ti-Mọ̀ ti Òṣogbo

Àṣà tuntun ti wọ Òṣogbo. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé òpin, ẹnu a yà á, a pa ìwé dé, a sì lọ sùn. Ní báyìí, kí ẹnu yani ti di ìtìjú. Láti Òkè-Fìà dé Ìgbónà, ibi yòówù tí àwọn òǹkàwé bá ti kóra jọ, gbólóhùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Èmi ti mọ̀ ọ́n láti ojú ìwé kẹta." Ẹni tó bá ṣèèṣì ní ojú ìwé ogójì lòun tó mọ̀, ṣe ni wọ́n á máa wò ó tàánú-tàánú.

Ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin yẹn ti jẹ́jẹ́ jù," tàbí, "Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fura sí ló máa ń jẹ́." Tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ tó sì jẹ kò tí ì sọ ohunkóhun nípa bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹlòmíràn ni apànìyàn, ohùn a yí padà: "Òǹkọ̀wé ṣe òjóró!" Nítorí náà, ìdájọ́ méjì péré ló wà nílé ẹjọ́ wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ìwé ò dáa. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, òǹkọ̀wé ò dáa.

Ẹ jẹ́ ká hun ìtàn kan ká fi dán wọn wò. Wọ́n bá Alhaji kan tó ń ta àdìrẹ lókùú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ráfíù tó ń bá a tajà jẹ ẹ́ lówó, ṣùgbọ́n ogójì èèyàn ló rí Ráfíù níbi ìnáwó kan ní Òkè-Fìà láti aago méje títí di mẹ́sàn-án. Ní òpin ìwé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìbejì ni Ráfíù: òun ló pa Alhaji, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀ ló lọ jókòó síbi ìnáwó.

Ariwo sọ! "Ìbejì láti ibo? Òjóró!" Ọ̀kan nínú wọn tó ti kà jìnnà tilẹ̀ fa òfin yọ. Òótọ́ ni pé ní 1929, Ronald Knox, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, gbé òfin mẹ́wàá jáde fún àwọn òǹkọ̀wé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìkẹwàá ni pé a kò gbọdọ̀ mú ìbejì wọ inú ìtàn láìjẹ́ pé a ti múra ọkàn òǹkàwé sílẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn tẹnu bọ̀.

Ẹ wá padà sí ojú ìwé kẹsàn-án. Ọmọkùnrin kan gbé oúnjẹ wá fún Ráfíù ní ṣọ́ọ̀bù. Òǹkọ̀wé ní àbúrò tó tẹ̀ lé e gan-an ni, Ìdòwú lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ni Ìdòwú máa ń tẹ̀ lé wáyé? Àwọn tó ń sọ pé àwọn mọ apànìyàn láti ojú ìwé kẹta ka orúkọ yẹn, wọ́n sì kọjá lórí rẹ̀ bí onígbèsè ṣe ń kọjá níwájú ilé olówó rẹ̀. Àlùfáà Knox ì bá ní àlàyé nílò. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ náà ni àlàyé. Bí wọ́n bá fẹ́ túmọ̀ ìwé náà fún ará Lọ́ńdọ̀nù, ó di dandan kí ẹnìkan nínú ìtàn sọ ohun tí Ìdòwú jẹ́ kó tó di ìparí, torí olobó tí òǹkàwé kò lè kà kì í ṣe olobó.

Orúkọ nìkan kò tó o, torí pé ìkejì lè ti kú. Òǹkọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ dẹ pàkúté. Ní ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ yàrá ìyá Ráfíù, ó rí ère ìbejì kan lórí pẹpẹ. Òǹkàwé tó ti já Ìdòwú á wá sọ pé, "Háà, ìkejì ti kú," á sì pa ọ̀rọ̀ ìbejì tì. Ẹ̀tàn gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló mú un yàtọ̀ sí òjóró? Òǹkọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ère náà ti jẹ tán, imú rẹ̀ ti dan, osùn ti wọ inú igi rẹ̀. Ère tí ojú rẹ̀ jẹ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó ti ń wẹ̀ ẹ́ tó ti ń fi osùn pa á lára ti pẹ́ ju ọjọ́ orí Ráfíù lọ. Ti ìkejì ìyá àgbà ni, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ìparí. Ẹ̀tàn tó dáa máa ń ní ìdí tirẹ̀ tó fi wà níbẹ̀, a sì máa gbé ohun tó máa tú u lọ́wọ́.

Fi èyí kún un: ní ojú ìwé kẹrìnlá, Ráfíù ní ẹ̀wà kì í kan ẹnu òun, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ibi ìnáwó, "Ráfíù" jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Àwọn èèyàn wa rẹ́rìn-ín níbi méjèèjì. Inú ẹ̀rín sì ni ibi tó dáa jù láti fi olobó pamọ́ sí.

Nítorí náà, lórí ìbejì, òǹkọ̀wé kò jẹ̀bi. Ibi tó ti jẹ̀bi gan-an ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ní orí kọkàndínlógún, fóònù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dún. Ó gbé e, ó ní "Hẹ̀n-ẹ́n," ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tì í bọ àpò. Ìparí la tó gbọ́ pé awakọ̀ kan ló pè, pé òun gbé ẹnìkan tó jọ Ráfíù bí ìmumu láti Ifẹ̀ wá sí Òṣogbo ní aago mẹ́fà, nígbà tí Ráfíù ṣì ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Òun ni ẹ̀rí tó dè wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì dá a jẹ. Òmíràn nínú òfin mẹ́wàá Knox ló ní ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, kí òǹkàwé rí i lójú ẹsẹ̀. Kí ni ẹgbẹ́ sọ? "Ẹ̀rín músẹ́ yẹn dùn!"

Ìyàwó kejì Alhaji ńkọ́, tó sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ pẹ̀lú àpò dúdú lóru ọjọ́ náà? Kí ló wà nínú àpò? Òǹkọ̀wé gbàgbé. Ẹ̀tàn tí a kò ṣàlàyé títí ìwé fi parí, irọ́ lásán ni, gbólóhùn kan péré ì bá sì ti tún un ṣe: owó èésú, ká sọ pé òun ni.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn: ìdí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ka ìdáhùn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, já a sí wẹ́wẹ́, kí o wá ojú ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fara hàn kó tó la ẹnu. Èyí tí kò ní ojú ìwé, òjóró ni, ì báà jẹ́ pé o mọ apànìyàn tàbí o ò mọ̀ ọ́n.

Fún ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ máa ní òun ti mọ̀, oògùn rẹ̀ ti wà láti 1929 kan náà. Àwọn ìbátan méjì ará Amẹ́ríkà tó ń fi orúkọ Ellery Queen kọ̀wé máa ń dá ìtàn dúró kó tó parí, wọ́n á ní gbogbo olobó ti pé, kí òǹkàwé dárúkọ apànìyàn. Ká ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó pe gbogbo ilé jọ, kí kálukú kọ orúkọ ẹnìkan, bí ó ṣe ṣe é, àti ojú ìwé mẹ́ta tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó ká a, kó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Wọ́n gbé àbá yìí ka iwájú ẹgbẹ́. Ọ̀kan ní bírò òun ò yọ, èkejì ní òun ò mú awò òun wá, alága sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ pín mínírà.