Láfún tí kò sùn mẹ́ta nínú omi

Ẹ̀yin ará mi ní Ìlọrin àti gbogbo gúúsù Kwárà, ọ̀rọ̀ ẹ̀lùbọ́ láfún ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, owó oṣù ti tán nílé, mo bá ra láfún kóńgò méjì lọ́wọ́ ìyá kan létí títì tó lọ sí Ajàṣẹ́-Ìpo. Tirẹ̀ dínwó ju ti ọjà lọ, ó sì funfun báláú. Mo rò ó lálẹ́, a fi ewédú jẹ ẹ́, kò sẹ́ja, kò sẹ́ran. Bàbá àwọn ọmọ mi kò jẹ níbẹ̀, ìrẹsì tó kù lọ́sàn-án ló jẹ. Kò tíì tó wákàtí méjì tí ọmọ mi tó kéré jù fi di orí mú, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti bì. Bí mo ṣe dìde láti gbé e, ẹsẹ̀ èmi náà kò ràn mí, àyà mi sì ń lù kìkì. Bàbá wọn ló gbé gbogbo wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa atẹ́gùn ọ́síjìn sí ọmọ náà nímú, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì bi wá kò kúrò létí mi títí di òní: “Kí lẹ jẹ? Ta ló jẹ ẹ́? Ta ni kò jẹ ẹ́?”

Nígbà tí ara wa le, mo padà lọ bá ìyá tó ta láfún náà. N kò bá a jà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ fún mi bó ṣe ṣe é. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, a bó pákí, a gé e wẹ́wẹ́, a sá a sórí títì fún ọjọ́ méjì, a gbé e lọ sílé ẹ̀rọ. Bí a bá ní ká rẹ ẹ́ sómi ọjọ́ mẹ́rin, kí làwọn ọmọ máa jẹ kó tó gbẹ?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Pákí tí a kò rẹ, tí a kò rin, tí a kàn sá gbẹ, kì í ṣe láfún. Bó ti wù kó funfun tó, májèlé ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Inú ẹran pákí ni nǹkan kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní línámárìn. Nínú pákí kan náà ni èròjà mìíràn wà tó lè tú línámárìn yìí ká. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ṣùgbọ́n ògiri wà láàárín wọn. Níwọ̀n ìgbà tí pákí bá wà lódidi, wọn kì í pàdé. Ìgbà tí ògiri náà bá wó ni wọ́n máa ń pàdé, línámárìn á tú ká, sáyánáìdì á sì jáde. Sáyánáìdì ni májèlé náà, ṣùgbọ́n òun náà ló rọrùn jù láti lé lọ, nítorí pé ooru lásán ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, omi tí a bá fún jáde sì máa ń gbé lára rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ṣì wà ní línámárìn kì í fò lọ. Inú pákí ló máa jókòó sí títí a ó fi jẹ ẹ́, ikùn wa ló sì ti máa tú ká.

Nítorí náà, ogun tí a ń bá pákí jà, ogun ògiri wíwó ni. Ẹ wo gààrí. Ẹ̀rọ ti rin ín, gbogbo ògiri ti wó lẹ́ẹ̀kan náà. A dì í sápò, a fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ ṣàn lọ. A wá dín in nínú agbada tó gbóná janjan, èyí tó kù sì bá ooru lọ. Láfún kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í rin ín, omi ló máa bá wa wó ògiri náà. Nínú omi náà ni pákí ti máa kan, tí á rọ̀, tí á sì máa fọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì sá ńkọ́? Ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà nìkan ni ògiri ti wó. Oòrùn sì máa ń yára fa omi inú rẹ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ láìsí omi, àwọn méjèèjì kò lè bá ara wọn ṣe iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ti wọ̀n ọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta májèlé náà ló máa ń kù nínú pákí tí a kàn sá, ìyẹn ni pé nínú 100, ó máa ń ku 25 sí 33.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní pákí tútù kan ní mílígíráàmù 100 májèlé náà nínú kílò kan. Pákí kíkorò lásán nìyẹn, ọ̀pọ̀ wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kílò 3 pákí tútù ló máa ń di nǹkan bíi kílò 1 ẹ̀lùbọ́, torí náà 300 ló wọlé. Bí 30 bá ṣẹ́kù nínú 100, mílígíráàmù 90 ló wà nínú kílò ẹ̀lùbọ́ náà. Òdiwọ̀n tí àwọn àjọ àgbáyé fi lélẹ̀ fún ẹ̀lùbọ́ pákí kò ju 10 lọ. Ìlọ́po mẹ́sàn-án nìyẹn.

Kì í ṣe ìṣirò orí ìwé lásán o. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ní àgbègbè Kasésè ní Ùgáńdà, àwọn tó jẹ oúnjẹ ẹ̀lùbọ́ pákí níbi ìsìnkú kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ikùn ń dùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ tán, èèyàn 98 ló ti kó o, àwọn 2 sì ti kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀lùbọ́ náà wò, nǹkan bíi mílígíráàmù 88 ni wọ́n bá nínú kílò kan. Nígbà tí mo ka iye yẹn, ọmọ mi tó di orí mú lálẹ́ ọjọ́ náà ló wá sí mi lọ́kàn.

Bí ìyá àgbà mi ṣe ń ṣe tirẹ̀ lábúlé rèé. Yóò bó èèpo pákí tán pátápátá, torí èèpo ló le jù nínú májèlé. Ẹ bi àwọn tó ń sin ewúrẹ́ léèrè ohun tí èèpo tútù pákí kíkorò ń fi ẹran ṣe. Yóò gé e, yóò dà á sínú ìkòkò ńlá, yóò bu omi bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni lásìkò ooru. Bí ọyẹ́ bá mú, omi á tutù, kíkan rẹ̀ á falẹ̀, ó lè di ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kì í ka ọjọ́ nìkan. Àtàǹpàkò ló fi ń dán an wò: bí o bá tẹ pákí náà, kó fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ dé àárín, kí okùn inú rẹ̀ sì ṣeé fà yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì le bí àgbọn, yóò dá a padà. Lẹ́yìn náà ló máa da omi yẹn nù, tí á fọ̀ ọ́, tí á dì í sápò, tí á gbé òkúta lé e, tí á wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kó tó sá a sórí àpáta. Láfún rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà funfun báláú, ó sì máa ń rùn díẹ̀. Òórùn kíkan yẹn ni ẹ̀rí tirẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Pákí tiwa kì í korò.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ pákí ń yí padà láti ìlú dé ìlú, igi tí wọ́n pè ní aládùn ní Òmù-Àrán lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ọ̀fà. Ọ̀dá tún máa ń sọ ọ́ di líle: pákí tí òjò kò rọ̀ sí dáadáa máa ń kó májèlé ju bó ṣe yẹ lọ, kódà kó jẹ́ igi kan náà. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò tó korò, kó má sè é jẹ, kó má sun ún jẹ. Iná kò lè tú línámárìn ká; ńṣe ni ó máa pa èròjà tó yẹ kó tú u.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni májèlé tí kì í múni bì lálẹ́ ọjọ́ kan, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń pani lára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín àwọn èèyàn Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè Ìjẹ̀bú ní àwọn ọdún 1960. Ó rí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú àti etí wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ pákí ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara ti ń rí ohun tó fi ń sọ sáyánáìdì di aláìlágbára. Nítorí náà, láfún ìkánjú kan náà máa ń pa aláìní lára ju ẹni tó rí ẹja fi jẹ ẹ́ lọ. Alẹ́ ọjọ́ tiwa, ewédú lásán ni.

Bí ẹ bá ti ra ẹ̀lùbọ́ tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ọgbọ́n kan wà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bírádíbẹ́rì ní Ọsirélíà gbé jáde, tí wọ́n sì ti lò ní àwọn abúlé ilẹ̀ Kóńgò. Ẹ da ẹ̀lùbọ́ sínú abọ́, ẹ fi àmì sí ibi tó ga dé nínú abọ́ náà. Ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó. Á kọ́kọ́ wálẹ̀, lẹ́yìn náà á tún máa ga bọ̀. Bó bá ti padà dé ojú àmì, omi ti tó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní tó mọ́, kó fẹ́lẹ́, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Wákàtí 2 nínú oòrùn, tàbí 5 níbi òjìji. Kí ẹ rò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Ó máa ń dín èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò rírẹ. Bí òòyì àti èébì bá sì ti dé lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì dá ara dúró, ọsibítù ni kí ẹ sáré lọ, kí ẹ sì mú oúnjẹ tó kù dání.

Ìyá etí títì yẹn ti di oníbàárà mi báyìí. A jọ sọ ọ́: èmi àti àwọn aládùúgbò mẹ́fà ń san owó lé iye tó ń tà á tẹ́lẹ̀, ó sì ra dúrọ́ọ̀mù méjì. Bí mo bá lọ, ó máa ń ṣí i fún mi, ó máa ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àárín rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Ó dé dúrọ́ọ̀mù náà padà, ó ní kí n padà wá lọ́túnla.