Ẹ̀gbọ́n, Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Ka Àkámọ́?

Tẹ́ ẹ bá ṣí fóònù yín láàárọ̀ yìí, ẹ máa rí wọn. Ẹni tó ti ń kọ pósítì gígùn sí Fésíbúùkù látọjọ́ tó ti ra fóònù, wọ́n ti sọ fún un pé èèyàn ò kàwé mọ́, fídíò ló kù báyìí, ló bá gbé fóònù ti páálí mílíìkì, ó wé gèlè, ó tan iná roboto yẹn sójú ara ẹ̀, ó wá ń ka pósítì àná látòkè délẹ̀ bí akọ̀wé kóòtù tó ń ka ẹ̀sùn fún olè. Ojú ẹ̀ ò wo kámẹ́rà. Ojú ẹ̀ ń rìn látọ̀tún sósì, tó bá dé ìparí ìlà á tún fò padà. Àwa tá à ń wò ó náà á máa bá a rìn, tí fídíò bá fi máa tán ọrùn á ti máa dun èèyàn. Wọ́n ní fídíò nìyẹn. Kò burú.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ládùúgbò, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ṣì ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn. Pósítì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ dáa gan-an o, mo láìkì ẹ̀, mo tún fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Wọ́n ṣàlàyé ìdí tí èlùbọ́ fi máa ń hùkasì lásìkò òjò, àti béèyàn ṣe lè mọ gbodo tó gbẹ. Ìmọ̀ gidi ni. Ọjọ́ kejì ni mo rí i tí wọ́n jókòó síwájú iná, tí wọ́n ń ka gbólóhùn yìí gan-an:

"Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ pé àsìkò òjò ni a wà yìí, ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀ pé èlùbọ́ tí ó bá ti ara gbodo (ìyẹn iṣu tí a bọ̀ tí a sì sá) tí kò gbẹ dáadáa jáde yóò tètè hùkasì, yóò sì máa rùn, bí a ti ṣàlàyé lókè yìí."

Mo wo òkè. Gèlè ni mo rí.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà sókè, ẹ̀yin náà, nísinsìnyí. Ṣé èémí yín dé ìparí? Tèmi ò dé. Lójú ìwé kò sóhun tó ṣe é o, ojú mọ̀ bó ṣe ń fo àkámọ́, tọ́rọ̀ bá rú u lójú á padà sẹ́yìn lọ mú un. Etí ò lè padà sẹ́yìn. Nígbà tẹ́gbọ́n fi máa dé "yóò tètè hùkasì", ẹni tó ń gbọ́ ti gbàgbé pé èlùbọ́ là ń sọ, iṣu tí wọ́n ń bọ̀ ló wà lọ́kàn ẹ̀, ebi ti ń pa á. Ẹ̀gbọ́n sì ka àkámọ́ yẹn o! Wọ́n ní "àkámọ́, ìyẹn iṣu tí a bọ̀ tí a sì sá, àkámọ́." Wọ́n débi iye owó, tí wọ́n kọ ₦3,500 sí, wọ́n kà á ní "náírà, mẹ́ta, kọ́mà, ọgọ́rùn-ún márùn-ún." Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá wà nísọ̀, "ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni, má nà án" lẹ́nu ẹ̀ ń sọ láì ronú. Iná roboto yẹn ló ṣe wọ́n báyẹn.

Ìṣẹ́jú méjì àti ogójì sẹ́kọ́ńdì ni fídíò yẹn. Kíkí nìkan gba sẹ́kọ́ńdì 22, mo kà á: ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n fi ibi tí Tíkítọ́ọ̀kì ti ń ṣírò hàn mí, ibẹ̀ sọ pé sẹ́kọ́ńdì 6 lèèyàn ń lò lórí ẹ̀ kó tó kọjá lọ. Ìyẹn ni pé "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn fẹ́ ta nǹkan. Ẹ̀gbọ́n ní àfi kí wọ́n tún ṣàlàyé sí i, torí àyè wà. Òótọ́ ni, àyè wà, látọdún 2021 ni Tíkítọ́ọ̀kì ti fàyè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà tó di 2022 ó di mẹ́wàá. Ilé ńlá náà láyè, èèyàn kì í torí ẹ̀ kó gbogbo ẹrù ọjà sí i.

Ìjọ kejì tún wà, àwọn yẹn ti lọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ti san owó kíláàsì, wọ́n ní kéèyàn fi ìwọ̀ fa olùwòran. Ẹ máa kàn gbọ́ "DÚRÓ! Má tíì kọjá!" bí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dúró, wọ́n á ní "Ohun mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún ẹ rí nípa èlùbọ́." Ìyá mi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi, pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí gan-an tún burú ju ẹ̀gbọ́n lọ, torí ẹ̀gbọ́n mọ nǹkan, wọn ò kàn mọ bí wọ́n á ṣe gbé e sẹ́nu ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa la lẹni tó mọṣẹ́ yìí jù. Ṣé ẹ ti wọ mọ́lúè rí, tí bàbá alágbo gòkè? Ṣé bàbá yẹn máa ń sọ pé "gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀"? Ó máa kàn di irin òkè mú ni, á ní "Ìwọ tó o ń dìde tó o ń di ẹ̀yìn mú yẹn." Kíá, èèyàn mẹ́rin ti yọwọ́ lẹ́yìn. Kò mẹ́nu ba oògùn. Ìrora lẹ fi máa mọ̀ pé ẹ̀yin ló ń bá wí, lẹ́yìn náà ló máa tó gbé ìgò sókè, kó jẹ́ ojú yín ló máa sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín. Gbogbo gbólóhùn ẹ̀ ò ju èémí kan lọ torí ariwo ẹ́ńjìnnì, ó sì mọ̀ pé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó kàn lòun máa bọ́ọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a tan iná roboto.

Mo wá bá ẹ̀gbọ́n nísọ̀. Mo ní ẹ gbé bébà sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣe bíi pé mo wá dá èlùbọ́ padà, pé mo ní ó ń rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti tẹ fóònù sí gbígbọ́hùn sílẹ̀ lápò mi.

Ọlọ́run, ẹ̀ bá wà níbẹ̀. "Ta lo ní èlùbọ́ ẹ̀ ń rùn? Wá ńbí, wò ó, gbọ́ ohùn gbodo mi," ni wọ́n bá kán ọ̀kan, ó dún pá! "Ó gbẹ àbí ò gbẹ? Ibi tó o ti ra tìẹ, wọ́n lọ tútù fún ẹ ni!" Wọ́n sọ ọ́ láì kọsẹ̀, láì wo ibì kankan ju ojú mi lọ. Kò sí "yóò", kò sí "tí ó", kò sí "bí a ti ṣàlàyé." Mo gbé e kọ sílẹ̀ láti inú fóònù bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo kàn yọ èébú kúrò. Ohun tó kù nìyí:

"Èlùbọ́ yín ń rùn, àbí? Ẹ gbọ́ ohùn gbodo yìí. Pá! Ó gbẹ nìyẹn. Ẹ wá wo èyí. Ó ń tẹ̀, kò fẹ́ kán. Omi ṣì wà níkùn ẹ̀. Tí wọ́n bá lọ èyí fún yín, ẹ dè é mọ́nú ọ̀rá, kò ní pẹ́ tó máa hùkasì. Torí náà, ẹ kán an lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n lọ̀ ọ́."

Ẹ wò ó, àkámọ́ ti dẹni àná, torí gbodo fúnra ẹ̀ wà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè kí ló ń jẹ́ gbodo. Pósítì ní "gbẹ dáadáa", fídíò ní "pá". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti yín náà jóòótọ́, ẹ kà á fún ẹnì kan tó ń rokà lọ́wọ́, tó kọ ẹ̀yìn sí yín. Tó bá ní "kí lẹ wí?", ibẹ̀ yẹn lẹ ti kọ ọ́ bí ìwé.

Ìjà wà níbẹ̀ o. Ìtàn ìyá wọn ní Ṣakí, tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ iṣu, ó wà nínú pósítì, kò ráyè nínú fídíò, ẹ̀gbọ́n fajú ro fún mi fún ọjọ́ méjì. Wọ́n tún ní àwọn ò lè jáde síta láì kí èèyàn, pé ìyá àwọn ò kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. A gbà pé kí gbodo kọ́kọ́ dún pá, kí wọ́n wá sọ "ẹ kú ilé o" bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ mú ìkejì. Sẹ́kọ́ńdì 34 ni gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Mo rò pé a ti ṣe tán, àfi ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ ojú fídíò, èyí táwọn tó pa ohùn fóònù nínú ọkọ̀ tàbí ní ọ́fíìsì máa ń kà. Ẹ̀gbọ́n ti gbé odindi pósítì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu ń sọ "pá", ojú fídíò ń sọ "gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀." Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ sí, níbi tí orúkọ wọn wà, orúkọ gun orí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gun orí orúkọ. Mo gbé e sókè díẹ̀, mo kúrò lápá ọ̀tún tí àwọn bọ́tìnnì láìkì wà, mo jẹ́ kó jẹ́ ohun tẹ́nu ń sọ náà ló ń jáde, ìlà méjì péré lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Lẹ́tà tó rẹwà tí ẹ̀gbọ́n yàn ò mọ Yorùbá, gbogbo ibi tí ẹ́ àti ọ̀ wà ló di àpótí kékeré, a ní láti wá òmíràn. Ẹ̀gbọ́n ní ká kúkú yọ àmì kúrò, ṣebí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. A yọ ọ́ o. Wọ́n fẹ́ kí n fi kún un pé iṣu àwọn kì í ṣe tọjà, ló bá jáde pé "Isu yii, oko mi lo ti wa." Kí ọ̀sán tó pọ́n, èèyàn bí ogún ti ń bá wa kí ọkọ wọn, wọ́n ní kó kú iṣẹ́, ẹnì kan béèrè bóyá ó ní àbúrò ọkùnrin. Kíá la dá àmì padà.

Fídíò náà rìn. Àwọn èèyàn ń kán gbodo nísọ̀ káàkiri báyìí, àwọn tó kù lójà ń bínú sí ẹ̀gbọ́n. Lálẹ́ àná ni fọ́ìsì nóòtì wọn wọlé, ìṣẹ́jú 11, kíkí nìkan gba mẹ́rin. Wọ́n ní "Àbúrò mi, o ṣeun o, Ọlọ́run á dúró tì ẹ́. Ohun tí mo tún ń rò ni pé, fídíò yẹn dáa, ṣé o lè bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi ṣe pósítì?"