Ọdún Méje Láìkíra Ẹni: Ṣé Kí N Sọ Ohun Tí Mo Fẹ́ Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?

Olùṣírò: Ó ti pé ọdún 7 tí èmi àti obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. A kò jà, a kàn dákẹ́ síra wa ni. Mo fẹ́ kúrò nídìí ìṣirò owó bọ́ sí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà tí òun ń ṣe báyìí, mo sì nílò ìmọ̀ràn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo tún pa á rẹ́. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́ tí kò fi ní rò pé àìní ló mú mi rántí òun?

Sùúrù Lérè: Ẹ kọ́kọ́ kí i lásán. Ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀ àti ti àwọn ará ilé rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ẹ tó mẹ́nu kan ohun tí ẹ fẹ́. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú ìkíni ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Agbanisíṣẹ́: Òótọ́ ni pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni n kò fara mọ́. Ọ̀pọ̀ irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ mi. Bí ẹni tí ó ti dákẹ́ láti ọdún 7 bá kàn béèrè bóyá àlàáfíà ni mo wà, ọkàn mi yóò máa retí ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tí ohun náà bá sì dé, gbogbo ìkíni ìṣáájú yóò di ìdẹ lójú mi. Fífi àìní pa mọ́ ló ń dùn mí, kì í ṣe àìní fúnra rẹ̀. Bí èmi bá ni Olùṣírò, ohun tí n ó kọ nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí a jọ jókòó ní yàrá ìṣirò ni. Títí di òní ni mo ń lo ọ̀nà tí ẹ fi kọ́ mi láti fi ìwé owó wa wé ti báńkì. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ń gbèrò àtibọ́ sí iṣẹ́ dátà, mo sì fẹ́ bi yín ní ohun kan ṣoṣo: nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ́ kí ẹ tó kọjá síbẹ̀, èwo ló wúlò fún yín jù lọ? Bí kò bá sí àyè, kò burú rárá. Inú mi dùn pé mo kí yín."

Ẹ kíyè sí i pé ìrántí inú rẹ̀ kò ṣeé kọ sí ẹlòmíràn, àti pé ó lè dáhùn ìbéèrè náà láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún láìwá ẹnikẹ́ni kiri. Ẹ má ṣe ní kí ó bá yín wá iṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ Àtijọ́: Lójú tèmi, àforíjì ló yẹ kó gba ibi tó pọ̀ jù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jà lórí owó, láìtọrọ àforíjì dáadáa kò ní dá mi lóhùn.

Agbanisíṣẹ́: Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, ẹ̀yin jà. Ìjà gbọ́dọ̀ parí kí a tó béèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n ti Olùṣírò kò ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ìyá Ọ́fíìsì: Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọdún 9, ó sì fi ìdajì lẹ́tà rẹ̀ tọrọ àforíjì, débi pé èmi ni mo ń tù ú nínú kí n tó mọ ohun tí ó ń wá. Síbẹ̀, mo fún un ní ìmọ̀ràn. Ohun tó dùn mí gan-an ni pé kò padà wá sọ bí ó ṣe rí. Olùṣírò, bí ó bá dá yín lóhùn, ẹ lo ohun tí ó sọ, kí ẹ sì padà lọ jábọ̀ fún un.

Sùúrù Lérè: Mo ka ìwádìí kan tó jáde ní 2024 pé àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ àtijọ́, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn kan kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ṣì ń bá sọ̀rọ̀, ó lé ní ìdajì wọn tó fi tiwọn ránṣẹ́. Ìyẹn lè ran Olùṣírò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìkíni lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ níbẹ̀, wọn kò tọrọ nǹkan kan.

Agbanisíṣẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí Daniel Levin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2011, ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ gan-an ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti dákẹ́ sí fún ọdún 3 ó kéré tán. Ìmọ̀ràn náà wúlò, nítorí ẹni tó ti rìn lọ síbòmíràn ti rí ohun tí àwọn tó wà nítòsí wa kò rí, ìgbẹ́kẹ̀lé àtijọ́ kò sì tíì kú. Àwọn tí ó ti ní ìgbẹ́kẹ̀lé láàrin wọn tẹ́lẹ̀ ni mò ń sọ o. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá kàn máa ń kí ara yín lẹ́nu ọ̀nà, n kò lè ṣèlérí.

Olùṣírò: A sún mọ́ra dáadáa. Bí kò bá wá fèsì ńkọ́?

Ìyá Ọ́fíìsì: Ẹ tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi a máa gbàgbé láti fèsì.

Sùúrù Lérè: Èmi kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí a ti sọ fún pé kò burú bí kò bá sí àyè, kí a má tún padà wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùṣírò: Mo ti fi í ránṣẹ́. Mo yọ gbólóhùn ti báńkì, mo fi ọjọ́ tí ó dúró tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú nígbà tí ìṣirò mi kò bára mu rọ́pò rẹ̀.